Wọ́n fi ìkéde iṣẹ́ ránṣẹ́, wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń bá àwọn tó ń wáṣẹ́ tún ìwé wọn ṣe. Ìṣòro mi ni pé ọ̀pọ̀ wọn á kàn da odindi ìkéde iṣẹ́ sórí fóònù mi, wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó kọ lẹ́tà tó gún régé fún ẹnì kan, àfi bó ṣe ní òun ti fi ìwé sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti pe òun fún intafíù, ìyẹn lòun fẹ́ múra fún. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá lẹ́tà ni wọ́n fẹ́, tàbí àtúnṣe síífíì, tàbí ìmúrasílẹ̀ fún intafíù, láìjẹ́ pé mò ń da ìbéèrè bo ènìyàn?*

Kí ẹ tó bi ẹni náà ní ohunkóhun, ẹ ka ìkéde yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òkè ni wọ́n máa ń kọ orúkọ iṣẹ́ sí, pẹ̀lú bí ilé iṣẹ́ ṣe ń yin ara rẹ̀. Àárín ni ojúṣe àti ohun tí wọ́n ń béèrè máa ń wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn gbà fi ìwé sílẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó ti sábà rí i, ibẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé. Nǹkan méjì yẹn ló máa sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń wá fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá tí ẹni yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìkéde náà ránṣẹ́ lónìí, ó ṣòro kó jẹ́ lẹ́tà ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń yọ ìkéde kúrò lórí ìtàkùn wọn tí ọjọ́ bá ti pé. Ẹni tó bá wá ní odindi ọ̀rọ̀ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti ní láti tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ìdí tó sì fi tọ́jú rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé òun ṣì máa padà lò ó. Intafíù ló ń bọ̀ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo fura pé bí ẹ bá padà lọ wo ìkéde ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, ẹ ó bá ọjọ́ tó ti kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́ o, torí àwọn kan wà tí kì í wo ọjọ́ rárá, tí wọ́n rò pé iṣẹ́ náà ṣì ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ irú wọn ni, oore tó pọ̀ jù tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ tètè sọ fún un pé ọjọ́ ti lọ, kó tó máa fi ara ṣòfò.

Bí ọjọ́ bá ṣì kù, ẹ bọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ní kí ènìyàn gbà fi ìwé sílẹ̀. Ìkéde tó ní kí ẹ fi síífíì àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì kan ti sọ tirẹ̀. Èyí tó ní kí ènìyàn kún fọ́ọ̀mù kó sì gbé síífíì sí i, tí kò dárúkọ lẹ́tà níbi kankan, síífíì ló fẹ́, ẹ má lo alẹ́ yín lórí lẹ́tà tí kò sí àyè tí wọ́n máa fi í sí. Irú kẹta wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ, pàápàá níbi iṣẹ́ ìjọba àti àwọn àjọ ńlá: wọ́n á ní kí olùwáṣẹ́ kọ àlàyé bó ṣe kún ojú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Èyí jọ lẹ́tà, àmọ́ kì í ṣe lẹ́tà. Àwọn tó ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò sábà máa ń fún kókó kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Lẹ́tà tó dùn ún kà tó sì fo kókó kan, òdo ló máa gbà lórí kókó tó fò. Bí ẹ bá rí irú ìbéèrè yìí, ẹ tẹ̀ lé kókó wọn bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ìkéde náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ àwòrán ojú fóònù, apá wo ni ẹni náà yà? Ẹni tó gé àdírẹ́sì ímeèlì àti nọ́mbà ìkéde kúrò, tó fi ojúṣe nìkan sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò nílò àdírẹ́sì mọ́, nítorí ó ti fi ìwé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ líǹkì lásán, ó ṣeé ṣe kí òun gan-an má tíì ka ibẹ̀ dáadáa. Bí fóònù yín bá sì fi hàn pé ńṣe ló ta á látaré láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan fún òun, ẹ̀yin ló rò pé ẹ lè mọ ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ. Bákan náà ni kí ẹ wo ohun tí ẹ jọ sọ gbẹ̀yìn. Ẹni tó fi síífíì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó sì wá fi ìkéde tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá lọ.

Ohun kan wà tí ẹ ò kà mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, lójú tèmi, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé: "Ṣé irú mi lè rí iṣẹ́ yìí gbà?" Ojú ń tì wọ́n láti bi yín bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi ìkéde ránṣẹ́, wọ́n á máa retí ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó fi èyí mọ̀ wọ́n: ìkéde méjì tàbí mẹ́ta á wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ inú wọn ò ní jọra, tàbí kí iṣẹ́ náà ga ju ibi tí ẹni náà wà lọ díẹ̀. Bí ẹ bá sáré kọ lẹ́tà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti fèsì ìbéèrè tí kò bi yín, èyí tó bi yín sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.

(Bí ìkéde náà bá sì ní kí ènìyàn san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó ṣe intafíù, ẹ gbàgbé gbogbo èyí tí mo ń sọ yìí. Ẹ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníjìbìtì, kó má san kọ́bọ̀.)

Nígbà míì, ẹ ó wo gbogbo àmì yìí, kò sì ní sí èyí tó dá yín lójú. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sáré sí lẹ́tà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́tà ló tètè ń dà bí iṣẹ́ tí a ṣe tán. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lẹ́tà tí ẹ kọ láìní ìtàn ẹni náà lọ́wọ́ máa kún fún "mo jẹ́ òṣìṣẹ́ aláápọn tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́". Ẹ yọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrò, kí ẹ fi òmíràn sí i. Bí lẹ́tà náà bá ṣì ń lọ déédéé, kò wúlò fún èyíkéyìí nínú wọn. Èyí tó tún burú jù ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dí àlàfo tí ẹ ò mọ̀, kí ẹni náà fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láì kà á, kí wọ́n wá bi í ní intafíù nípa ohun tí kò ṣe rí.

Ohun tí mo máa ń ṣe dípò rẹ̀ ni kí n fi ìkéde wé ìtàn ẹni náà. Mo máa pín bébà sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni ohun tí wọ́n béèrè, apá kejì ni ẹ̀rí tí ẹni náà ní. Àti lẹ́tà, àti síífíì, àti intafíù, orí bébà yìí ni gbogbo wọn ti máa jáde. Èyíkéyìí tí ẹni náà ì bá fẹ́, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kò ní ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, èmi ni mo kọ ìkéde yìí fúnra mi, àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀ nígboro:

> Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tí a ń wá gbọ́dọ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún 2 ó kéré tán. Yóò máa ka ọjà tó wà nílẹ̀ lóṣooṣù, yóò sì máa fi wé àkọsílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ Excel lò dáadáa. Yóò darí òṣìṣẹ́ 3. Ẹ fi síífíì àti lẹ́tà tí kò ju ojú ìwé 1 lọ ránṣẹ́ nínú fáìlì PDF kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ nọ́mbà ìkéde sí àkọlé ímeèlì. Ọjọ́ ìparí ni ọjọ́ 14 oṣù yìí.

Ká ní ọjọ́ 9 ni ìkéde yìí wọlé sí yín, láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ẹ ti bá ṣe síífíì rí. Ẹ mọ̀ pé ó ti ṣe akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún 3. Ọjọ́ ò tíì pé, wọ́n béèrè lẹ́tà, odindi ìkéde ló sì fi ránṣẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ó jọ pé ìwé ló fẹ́ fi sílẹ̀, àti lẹ́tà àti síífíì. Intafíù ò tíì kàn.

Ẹ wá gbé bébà yín kalẹ̀. Ọdún 2 ni wọ́n béèrè, ó ní 3, ìyẹn ti tán. Kíka ọjà: síífíì rẹ̀ àtijọ́ kàn sọ pé "mo ń tọ́jú ọjà", èyí kò sọ nǹkan kan. Ẹ nílò iye oríṣi ọjà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, iye ìgbà tó ń kà wọ́n, àti ohun tó máa ń ṣe bí iye tó kà kò bá bá ìwé mu. Excel: síífíì sọ pé ó mọ kọ̀ǹpútà lò, àmọ́ kí ló ń fi Excel ṣe gan-an? Ṣé ó kàn ń tẹ nọ́mbà sí i ni, àbí òun ló ṣe tábìlì tí gbogbo wọn ń lò? Dídarí ènìyàn 3: kò sí nínú síífíì rárá. Àlàfo tó wà níbẹ̀ nìyẹn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lórí bébà náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ ti mọ ohun mẹ́ta péré tí ẹ fẹ́ bi í báyìí. Ìbéèrè wọ̀nyí yàtọ̀ sí "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?", tó máa ń mú kí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tún dákẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n nílò, ìyẹn ni wọn ò fi kọ ọ́. Ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ sí obìnrin yìí nìyí:

> Ẹ káàsán mà. Mo ti ka ìkéde náà, ó jọ iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe. Ọjọ́ 14 ló parí, wọ́n sì béèrè lẹ́tà pẹ̀lú síífíì, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn sọ ohun mẹ́ta yìí fún mi: oríṣi ọjà mélòó lẹ máa ń kà lóṣù, kí lẹ máa ń fi Excel ṣe, àti bóyá ẹ ti bójú tó òṣìṣẹ́ rí, ì báà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn kọ "mo ti fi sílẹ̀", n ó yí i sí ìmúrasílẹ̀ fún intafíù.

Mo sọ ohun tí mo rò pé ó fẹ́, mo sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀, mo sì fún un ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tó lè fi dá mi padà bí mo bá ṣì í gbọ́. Mo tún ní kó fi ohùn sọ ọ́, nítorí ẹni tí kíkọ̀wé nira fún lè sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi.

Ká ní ó wá fèsì pé oríṣi ọjà 400 ni òun ń kà lóṣù, tí òun sì ń fi wọ́n wé àkọsílẹ̀, òun ló ṣe tábìlì tó máa ń fi àwọ̀ pupa hàn bí ọjà bá fẹ́ tán, àti pé nígbà tí ọ̀gá òun lọ fún ìsinmi oṣù 1, òun ni òun ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọkùnrin 2 tó ń kó ẹrù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan náà yìí ṣe máa rí níbi mẹ́ta.

Lórí síífíì, ìlà kan péré ni, ọ̀rọ̀ inú ìkéde ni kí ẹ sì lò: "Mò ń ka oríṣi ọjà 400 lóṣooṣù, mo sì ń fi wọ́n wé àkọsílẹ̀." Bí ìkéde bá sọ pé "fi wé àkọsílẹ̀", ẹ má pè é ní "àyẹ̀wò ìṣirò ẹrù" kó lè dún bí ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í pẹ́ lórí ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde tiwọn lojú rẹ̀ ń wá. Ẹ gbé ìlà yìí sókè pátápátá lábẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ àwọn tí kò kan ìkéde yìí kalẹ̀ sísàlẹ̀. Àtúnṣe síífíì kò jù báyìí lọ nígbà tó pọ̀ jù, ìtàn ẹni náà kò yí padà.

Lẹ́tà ni ibi tí ẹ ti lè sọ ohun tí síífíì kò lè gbé, ohun náà sì ni àlàfo yẹn. Bí ẹ bá kọ "olùdarí òṣìṣẹ́" sí síífíì, irọ́ ni, nítorí wọn kò fi í sípò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà, ó lè sọ ọ́ bó ṣe rí: "N kò tíì wà ní ipò olùdarí. Nígbà tí ọ̀gá mi wà ní ìsinmi fún oṣù 1, èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ 2 tó ń kó ẹrù." Wọ́n béèrè 3, ó ní 2, kì í sì í ṣe tirẹ̀ pátápátá. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n fi ìpínrọ̀ kan odidi fún àlàfo tó tóbi jù dípò kí wọ́n tún ka síífíì lákàtúnkà nínú lẹ́tà.

Bó bá wá di intafíù, àlàfo yẹn náà ni wọ́n máa gbá mú. Ohun tí ìkéde ní ó pọn dandan ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti ń jáde, nítorí náà "Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹ darí ènìyàn fún wa" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtàn kan pàtó: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó já lé e léjìká, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, àti ibi tó yọrí sí. Ẹ ní kó sọ ọ́ létí yín. Bó bá ń sọ "a ṣe báyìí, a ṣe bẹ́ẹ̀" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ṣe?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù máàkì tó jẹ́ tiwọn.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán tí ẹ sì ṣì í gbọ́, ẹ ó mọ̀, ẹni náà kò kàn ní sọ ọ́ fún yín gbangba bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Á ní "ẹ ṣé gan-an", á sì dákẹ́. Tàbí kó tún fi ìkéde kan náà ránṣẹ́. Tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè aṣọ tó yẹ kí ènìyàn wọ̀ àti bóyá wọ́n máa ń bi ènìyàn ní iye owó tó fẹ́ gbà. Ẹni tó ń béèrè aṣọ ti gba ìpè. Ẹni tó ń béèrè pé "Ṣé wọ́n ń gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹn?" ṣì wà ní ìdí ìbéèrè "Ṣé mo tó?" Fún un, bébà yẹn gan-an ni kí ẹ fi hàn án, bó ṣe wà. Nínú kókó mẹ́rin, ẹ ní mẹ́ta, ẹ̀kẹrin kò kún tó. Lójú tèmi, ẹni tó ní gbogbo ohun tí ìkéde pè ní ọ̀ranyàn, tó kàn ṣaláìní díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ní "bó bá wà, ó dára", kí ó fi ìwé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ tí òfin béèrè ni kò ní, bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún iṣẹ́ awakọ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

Ó ku èyí tó máa ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ ìparí gan-an. Níbẹ̀, kò sí àyè fún àbá mi nípa bíbéèrè àti dídúró de èsì. Ẹ pè é lórí fóònù. Bí kò bá gbé e, ẹ mú síífíì rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé ìlà méjì tó bá ìkéde mu jù sókè, kí ẹ sì kọ lẹ́tà ìpínrọ̀ mẹ́ta péré láti inú ohun tí síífíì náà sọ nìkan. Ibi tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ fi àmì gbọnrangandan síbẹ̀, bíi "[IYE ỌJÀ TÍ Ẹ Ń KÀ]", kó má baà ṣeé ṣe fún un láti fi í ránṣẹ́ láì kà á. Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí i, ẹ tún padà sí ìsàlẹ̀ ìkéde náà lẹ́ẹ̀kan sí i: fáìlì kan ni wọ́n fẹ́ ni àbí méjì, nọ́mbà wo ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkọlé, aago mélòó ni wọ́n ń tì í.